Bí a ṣe ń ya owó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, àti bí a ṣe ń mọ iye tí ó yẹ kí a fi ta tíkẹ́ẹ̀tì kan

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù àti ní àwọn ìlú tí ó wà láàárín wọn ni kò ní owó tẹ́tẹ́ kankan. Owó tí ó bá wà lápò ni wọ́n fi ń ta á, owó kan náà tí wọ́n fi ń wọ ọ̀kadà, tí wọ́n fi ń ra gáàsì, tí wọ́n sì ń fún ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí oṣù bá parí, wọn kò lè sọ iye tí tẹ́tẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé gbogbo owó náà ti dàpọ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, tí owó tí ó ń wọlé fún un kò pọ̀, tí ó sì ti pinnu pé òun yóò máa ta tẹ́tẹ́, ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń jẹ tẹ́tẹ́. Bí a ṣe ń mú iye tí ẹnì kan lè pàdánù láìpa ilé lára, tí a ó yà á sọ́tọ̀, tí a ó sì pín in sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà tán ní ọ̀sẹ̀ kan, ni ó wà fún.

Owó tí a yà sọ́tọ̀ yìí ni a ó máa pè ní àpò tẹ́tẹ́. Ìpín kan nínú rẹ̀, èyí tí a fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kan, ni a ó máa pè ní ẹyọ. Iye tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ilé ni ó ń sọ bí àpò yóò ṣe tóbi tó, iye ìgbà tí ènìyàn lè pàdánù léraléra ni ó sì ń sọ bí ẹyọ yóò ṣe tóbi tó. Iye tí ẹnì kan fẹ́ jẹ kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹni tí ó bá sọ pé, “Owó ìyálégbé mi jẹ́ 120,000 náírà, ẹ jẹ́ kí n wá tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò san án,” ti dojú ìṣirò náà dé, kò sì sí ìgbésẹ̀ kankan nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e tí yóò wúlò fún un títí yóò fi pa èrò náà tì.

Kọ́kọ́ wá iye tí ó ṣẹ́kù ní tòótọ́

Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 77,000 náírà, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń gẹ irun fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Owó irun kì í dọ́gba: ní oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, ó rí 18,000, lẹ́yìn náà 27,000, lẹ́yìn náà 22,000. Èyí tí ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó kọ sílẹ̀, nítorí pé owó ilé kò ní dín kù ní oṣù tí òjò bá lé àwọn oníbàárà lọ. Owó tí ó ń wọlé fún un, tí a lè gbára lé, jẹ́ 95,000 náírà.

Lẹ́yìn èyí, ó kọ gbogbo ohun tí oṣù kan ń gbà. Ìpín tirẹ̀ nínú oúnjẹ ilé, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ náà ń tajà, jẹ́ 42,000. Owó ọkọ̀ jẹ́ 10,000. Iná mànàmáná, gáàsì àti omi jẹ́ 8,000. Fóònù jẹ́ 3,000. Oògùn àti ohun àìròtẹ́lẹ̀ jẹ́ 4,000. Àjọ ojoojúmọ́, 200 náírà lóòjọ́, jẹ́ 6,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 73,000. Bí ó bá yọ ọ́ kúrò nínú 95,000, yóò rí i pé 22,000 náírà ló ṣẹ́kù, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dá kálámù dúró, tí wọ́n á ní àwọn ní 22,000 tí àwọn lè fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n owó ọdún kò tíì wọnú ìwé. Owó ìyálégbé rẹ̀ jẹ́ 120,000 lọ́dún, èyí tí ó jẹ́ 10,000 lóṣù. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́ 20,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan, sáà mẹ́ta sì ni ó wà nínú ọdún, nítorí náà 60,000 lọ́dún, tàbí 5,000 lóṣù. Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa, Ìjẹ̀bú ni ó ń gbé. Ó wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá sì ni Ojúde Ọba, ìgbà tí ẹgbẹ́ yóò dá aṣọ, tí yóò ran fìlà, tí yóò sì san owó ẹgbẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 36,000 náírà, 3,000 lóṣù nìyẹn. Ẹni tí kò bá kà á sí owó ilé yóò rí i ní oṣù Iléyá pé ó ti di owó ilé ní tipátipá. Àpapọ̀ owó ọdún jẹ́ 18,000 lóṣù. Nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 22,000, ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 4,000 náírà péré.

Nínú 4,000 yìí náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ sí tẹ́tẹ́. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ó ju ìdajì lọ, nítorí pé ènìyàn ṣì máa ń fẹ́ mu nǹkan tútù pẹ̀lú ọ̀rẹ́, tàbí kí ó ra ẹ̀bùn kékeré fún ọmọ, bí kò bá sì fi owó kankan sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, owó oúnjẹ ni yóò yọ ọ́ lára. Nítorí náà, owó tẹ́tẹ́ ọkùnrin yìí jẹ́ 2,000 náírà lóṣù. Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, pàápàá èyí tí ó ń lé èlé lórí àwọn àápù ayáni-lówó, gbèsè náà ni yóò kọ́kọ́ gba 2,000 náà títí yóò fi tán. Bí ìṣirò yìí bá sì já sí òdo, òdo náà ni àpò tẹ́tẹ́ ẹni náà.

Fi owó náà sí ibòmíràn, kí o sì jẹ́ kí ó pé

Kíkọ 2,000 sínú ìwé kò tó. Bí owó náà bá ṣì wà nínú àkáǹtì tí owó oṣù ń wọ̀, kò tíì kúrò lára owó ilé. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ó ṣí àkáǹtì kejì, irú èyí tí a ń fi nọ́ńbà fóònù ṣí, kí ó sì má lò ó fún ohun mìíràn. Ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí ó tó ra ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ gbé owó ọdún lọ sí ibi tí a ń kó o sí, yóò san àjọ, lẹ́yìn náà ni yóò fi 2,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tẹ́tẹ́. Láti àkáǹtì kejì yìí nìkan ni owó yóò ti máa lọ sínú àápù tẹ́tẹ́. Káàdì báǹkì tí ó wà fún owó oṣù, tí àápù ti fi pamọ́ láti ìgbà tí ó kọ́kọ́ fi owó sí i, ni kí ó yọ kúrò lónìí. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ihò tí ó tóbi jù nìyẹn: bí káàdì bá ti wà nínú àápù, títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì ti tó láti gba owó gáàsì lọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́.

Ẹni tí ó fẹ́ràn owó tí ó lè fọwọ́ kàn lè lo àpòòwé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ owó tí oní-Pí-Ó-Ẹ̀sì ń gbà. Bí ó bá gba 100 náírà lórí 2,000 tí a yọ, ìdá kan nínú ogún ti lọ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Àjọ pẹ̀lú kì í ṣe ibi tí a ń fi owó tẹ́tẹ́ pamọ́ sí. Alájọ ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti pé ohun tí àjọ wà fún ni kí owó má ṣeé fọwọ́ kàn kí oṣù tó pé. Ẹni tí ó bá ń lọ bẹ alájọ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ 3,000 nínú rẹ̀,” nítorí eré tí yóò wáyé lálẹ́, ti wó ohun tí ó ń kọ́.

Ó yẹ kí ìyàwó tàbí ọkọ mọ̀ pé àkáǹtì yìí wà, kí ó sì mọ iye tí ń wọ inú rẹ̀ lóṣù. Kò pọn dandan kí ó mọ eré tí a ta.

Lẹ́yìn náà, kí ọkùnrin wa má ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, tí 6,000 náírà yóò sì wà nínú àkáǹtì náà. Dídúró yìí ṣòro, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ méjì tí ó ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí àpò tóbi tó láti pín. Ó sì ń dán ìṣirò tí a ṣe wò: bí ó bá jẹ́ pé ní oṣù kejì ó ti ní láti yọ 1,500 nínú rẹ̀ ra oògùn ọmọ, á jẹ́ pé 2,000 kò ṣẹ́kù ní tòótọ́, kí ó padà lọ tún ìwé rẹ̀ kọ.

Mímú ẹyọ

Kí a tó pín 6,000, ó yẹ kí a mọ ohun tí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń gbà. Mú eré kan tí wọ́n fún iye góòlù ní ọ́ọ̀dì 1.90 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ì báà jẹ́ pé góòlù yóò ju méjì lọ tàbí pé kò ní jù ú lọ. Bí ẹnì kan bá fi 100 náírà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì fi 100 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti ná 200, ẹ̀gbẹ́ kan yóò sì wọlé dandan, yóò sì gba 190. Náírà 10 tí kò padà nínú 200 ni owó ilé iṣẹ́ náà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá mọ eré ju ẹni tí ó gbé ọ́ọ̀dì kalẹ̀ lọ, ohun tí yóò máa fi sílẹ̀ ní ìpíndọ́gba nìyẹn lórí gbogbo owó tí ó bá fi ta. Kò sí ìwọ̀n ẹyọ tí ó lè yí i padà. Ohun tí ẹyọ ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ìpàdánù tí ó tẹ̀ léra pa àpò náà ní kíákíá.

Ìpàdánù a sì máa tẹ̀ léra ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ta 100 tíkẹ́ẹ̀tì eré kan ṣoṣo ní ọ́ọ̀dì tí ó sún mọ́ 2.00 yóò máa jẹ ní nǹkan bí ìdajì, síbẹ̀ kí ó máa retí pé níbì kan láàárín wọn, mẹ́fà tàbí méje yóò gé léraléra. Kò túmọ̀ sí pé ó ti gbàgbé bọ́ọ̀lù tàbí pé ayé ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ọ́ọ̀dì 5.00 ni ó fẹ́ràn, nǹkan bí 14 ni ó lè gé tẹ̀ léra nínú 100. Ọkùnrin wa ti máa ń fi 500 náírà ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fi 500 náà bọ́ sínú àpò 6,000, mẹ́fà tí ó gé yóò gba 3,000, ìdajì àpò; 14 yóò gba 7,000, èyí tí kò sí nínú àpò rárá.

Nítorí náà, pín àpò sí 60. Bí a bá pín 6,000 sí 60, ẹyọ kan yóò jẹ́ 100 náírà. Mẹ́fà tí ó gé yóò gba 600, ìdá kan nínú mẹ́wàá. 14 yóò gba 1,400, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí jẹ́ ohun tí ènìyàn lè rí lójú láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn mìíràn ń pín in sí 100, ó sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún àpò kékeré, ẹyọ náà lè kéré ju iye tí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ yóò gbà lọ. Yẹ iye tí ó kéré jù lọ wò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju ẹyọ rẹ lọ, má ṣe gbé ẹyọ sókè láti bá a mu. Dúró kí àpò tóbi sí i.

Ìṣirò 60 yìí wà fún tíkẹ́ẹ̀tì eré kan tàbí méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì eléré púpọ̀ ní ìṣirò tirẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn ènìyàn wa ń ta. Mú eré márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.90, kí ó sì ní àǹfààní kan nínú méjì láti wọlé. Ọ́ọ̀dì rẹ̀ lápapọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25, ṣùgbọ́n àǹfààní pé gbogbo wọn yóò wọlé jẹ́ kan nínú 32. Ìdá márùn-ún tí ilé iṣẹ́ ń gbà lórí eré kan ti di nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti gbà á. Èyí tí ó kan àpò wa gan-an sì ni pé bí ènìyàn méje bá fi ẹyọ 60 ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè ná gbogbo rẹ̀ tán láìjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ó fi ìdajì ẹyọ ta á, 50 náírà fún ọkùnrin wa, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀.

Ní ìhà Rẹ́mọ, a kò lè sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ kí a má mẹ́nu kan lọ́tìrì tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, èyí tí Olóyè Kessington Adébùtú, ọmọ Ìperu, dá sílẹ̀. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń mú jáde nínú 90. Ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà méjì ní àǹfààní kan nínú nǹkan bí 400, iye tí a sì mọ̀ pé wọ́n ń san jẹ́ 240 náírà lórí náírà kan. Bí ó bá fi ẹyọ 60 ta á, nínú ènìyàn méje, mẹ́fà ni yóò ná a tán láìrí ohunkóhun. Pípín sí 60 kò lè gba irú eré yìí lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí náà èmi kò ní fi í sínú àpò kan náà. Ẹni tí ó bá ń ta á, kí ó yọ ọ́ lára 2,000 kejì, èyí tí ó wà fún ìgbádùn, gẹ́gẹ́ bí owó ọtí.

Ibi tí ẹyọ ti máa ń bàjẹ́

Ẹyọ kì í bàjẹ́ nínú ìwé. Níwájú tábìlì ni ó ti ń bàjẹ́. Ọkùnrin wa wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, owó irun wà lápò rẹ̀, ó sì ti ka eré rẹ̀ fún ọmọbìnrin tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. “Bọ̀dá, èló?” Ó ti pinnu 100 láti ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta 2,000, eré náà sì dá a lójú. Ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, “Ẹ ṣe é ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta.” Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ó gbà láti di ẹyọ márùn-ún.

Ohun tí ó ń dènà èyí kò ju pé kí ó kọ iye náà sórí bébà pẹ̀lú eré kí ó tó jáde nílé, kí ó na bébà náà sí ọmọbìnrin náà, kí ó sì jẹ́ pé owó tẹ́tẹ́ ọjọ́ náà nìkan ni ó mú wọ ṣọ́ọ̀bù. Owó irun, kí ó kọ́kọ́ fi í sílé. Ẹni tí ó ń lo fóònù, kí ó fi owó ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo sínú àápù, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ nínú àkáǹtì kejì. Iye kan náà ni fún gbogbo eré, ìbáà ṣe èyí tí ó dá a lójú tàbí èyí tí kò dá a lójú tó bẹ́ẹ̀. Òfin yìí le jù lọ nígbà tí Rẹ́mọ Stáàsì bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ní Ìkẹ́nnẹ́, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024 sí 2025. Ìfẹ́ ọkàn kì í ṣe ẹyọ kejì.

Ọ̀nà kejì tí ẹyọ fi ń bàjẹ́ ni lílé owó tí ó ti lọ, kí a máa sọ iye di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ìpàdánù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èrò pé èyí tí ó bá wọlé yóò kó gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpò 6,000 wò ó. Ó ta 100, ó gé. Ó ta 200, ó gé. Ó ta 400, lẹ́yìn náà 800, lẹ́yìn náà 1,600, gbogbo wọn gé. Ó ti ná 3,100. Èyí tí ó kàn jẹ́ 3,200, ṣùgbọ́n 2,900 ni ó kù nínú àpò. Ìpàdánù márùn-ún ti dá a dúró, a sì ti rí i pé mẹ́fà tàbí méje jẹ́ ohun tí a ń retí nínú 100. Ibí yìí ni owó ilé ti máa ń jáde, nítorí pé 300 péré ni ó kù kí ìlọ́po náà pé, 300 sì wà nínú owó gáàsì.

Ìwé, àti ìparí oṣù

Ra ìwé kékeré kan. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ ọjọ́, eré, ọ́ọ̀dì, owó tí o fi ta, èsì, àti iye tí ó kù nínú àpò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọkùnrin wa lè rí báyìí: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6,000. Èyí àkọ́kọ́ gé, ó ku 5,900. Èkejì jẹ ní ọ́ọ̀dì 1.85, ó fi 85 kún un, ó di 5,985. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin gé, ó ku 5,785. Ẹ̀karùn-ún jẹ ní 1.90, ó di 5,875. Ó jẹ méjì nínú márùn-ún, àpò rẹ̀ sì dín kù ní 125 náírà péré. Ẹ̀bùn tí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ fi sínú àápù kò gbọdọ̀ wọ ìlà yìí títí yóò fi di owó tí a lè yọ jáde.

Ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé nìkan ni kí a tún ẹyọ mú, kì í ṣe lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ. Kí a sọ pé oṣù náà parí pẹ̀lú 5,760. Ó fi 2,000 kún un, ó di 7,760. Bí a bá pín in sí 60, yóò jẹ́ 129, ṣùgbọ́n a ó máa gé e sísàlẹ̀ sí ìlọ́po 50 tí ó sún mọ́ ọn, nítorí náà ẹyọ ṣì jẹ́ 100. Ìgbà tí àpò bá pé 9,000 ni ẹyọ yóò di 150. Láti ìgbà yẹn lọ, 2,000 kò ní wọlé mọ́. Yóò lọ sínú owó ọdún títí àpò yóò fi lọ sísàlẹ̀ 6,000. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá sì gbé àpò kọjá 12,000, gbogbo ohun tí ó lé ni kí ó jáde lọ sí àkáǹtì ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Owó tí ó jẹ, tí ó sì jókòó sínú àápù, kì í pẹ́ kí ó tó tún di tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí àpò bá lọ sílẹ̀, ẹyọ náà á lọ sílẹ̀. Ní 3,000, ẹyọ jẹ́ 50. Bí ilé iṣẹ́ kò bá gba 50, ó parí fún oṣù yẹn. Bí àpò bá tán pátápátá, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ìkójọ oṣù mẹ́ta láti òdo, láìyá owó lọ́wọ́ oṣù tí ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí, yẹ ògiri tí ó wà láàárín àpò tẹ́tẹ́ àti owó ilé wò. Má ṣe gbára lé ìrántí. Ṣí ìtàn owó inú àápù tẹ́tẹ́, kí o ṣe àròpọ̀ gbogbo owó tí o fi ránṣẹ́ sí i láàárín oṣù, kí o sì wá ibi tí wọ́n ti wá. Ohun tí o ń wá kò ju méjì lọ: ǹjẹ́ gbogbo rẹ̀ ti inú àkáǹtì kejì wá, ǹjẹ́ ohun tí ó wọ àkáǹtì kejì láti ilé kò ju 2,000 lọ? Ẹni tí ó ń ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ aṣojú ní ṣọ́ọ̀bù yóò ka tíkẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀, nítorí náà kí ó tọ́jú wọn, títí kan àwọn tí ó gé. Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri ti là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò náà ń jẹ èrè. Àwọn àmì mìíràn máa ń ṣáájú rẹ̀: ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó délé, ìlà á máa sọnù nínú ìwé, owó ilé ẹ̀kọ́ á sì di ohun tí a “máa dá padà ní ọjọ́ Mọ́ńdè.”

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá là, dá tẹ́tẹ́ dúró fún oṣù kan, kí o sì fi 2,000 oṣù yẹn dá owó ilé padà. Àwọn àápù kan ní ibi tí a ti lè fi òté lé iye tí ó lè wọlé lóṣù. Bí tìrẹ bá ní in, fi í sí 2,000 kí o tó padà wá. Bí ó bá tún là lẹ́ẹ̀kejì, kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ pa, kí wọ́n má sì gbà ọ́ padà. Yọ owó tí ó kù jáde kí o tó fi ìwé náà ránṣẹ́, kí o sì kó o lọ sínú owó ilé.